Ọ̀nà àlọ karùn-ún tó gba ẹ̀yìnkùlé

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi fọ́múlà Mason wá tíránsífà fọ́ńkísọ̀n gíráàfù ìṣàn sígínà tí mo fi ránṣẹ́ sí yín yìí. Ọ̀nà àlọ mẹ́rin ni mo rí, ìdáhùn mi sì jẹ́ 6/7. Olùkọ́ wa ní 1/2 ni. Mo ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, 6/7 náà ló ń jáde. Ibo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ìṣirò rẹ kò ní àbùkù kankan. Ohun tí o kà ni kò pé. Ọ̀nà àlọ márùn-ún ló wà nínú àwòrán yẹn, ìkarùn-ún sì gba orí ọfà kan tó ń padà sẹ́yìn kọjá. Bí o ṣe fo ọ̀nà yẹn, bẹ́ẹ̀ lo ṣe fo ìyípo kan tó ń bá a rìn. Ìdí nìyẹn tí 6/7 fi ń jáde iye ìgbà yòówù kí o tún un ṣe.

Jẹ́ kí n kọ àwòrán rẹ sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀, kí àwọn tó ń kà á pẹ̀lú wa lè tẹ̀ lé e. Oríta ni mo ń pe ibi tí àwọn ọfà ti ń pàdé. R ni ibi tí sígínà ti ń wọlé, C sì ni ibi tó ti ń jáde. Nọ́ńbà tó wà níwájú ọfà kọ̀ọ̀kan ni géènì rẹ̀, ìyẹn iye tí ọfà náà máa fi lọ́po sígínà tó bá gba orí rẹ̀ kọjá.

```
R  → x1 :  1
x1 → x2 :  2
x2 → x3 :  3
x3 → x4 :  1
x1 → x3 :  4
x2 → x4 :  5
x1 → x4 :  1
x3 → x2 : -1
x4 → x1 : -1
x4 → C  :  1
```

Orúkọ náà ló tàn ọ́ jẹ. Tí a bá gbọ́ "ọ̀nà àlọ", ojú wa máa ń lọ sára àwọn ọfà tó kọjú sí ọwọ́ ọ̀tún ìwé. Ṣùgbọ́n fọ́múlà tí Samuel Mason gbé jáde ní 1956, nígbà tó wà ní MIT, kò bìkítà nípa ibi tí ọfà kọjú sí. Ohun méjì péré ló béèrè: kí ọ̀nà náà gbéra láti R kó sì dé C, kó má sì gba oríta kan náà kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì, ẹni tó ya àwòrán ló mọ̀ ọ́n. Tí mo bá gbé x3 sọ́wọ́ òsì x2 nínú àwòrán rẹ, ọfà `x3 → x2` á di ọfà tó ń lọ síwájú, síbẹ̀ ìdáhùn kò ní yí padà.

Torí náà, má fi ojú lásán wá ọ̀nà àlọ. Dúró sórí x1, kí o kọ gbogbo oríta tí ọfà ń gbé èèyàn lọ láti ibẹ̀. Ṣí lọ sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí o tún ṣe bákan náà, títí wàá fi dé x4 tàbí tí wàá fi bá oríta tí o ti kọjá tẹ́lẹ̀. Láti x1, mẹ́ta ló wà: x4, x2 àti x3. x4 ti dé ibi tí à ń lọ. Láti x2, o lè lọ sí x4 tàbí x3. Láti x3, o lè lọ sí x4, tàbí sí x2. Ibi x2 yìí lo ti fò ó. Ẹni tó bá ti gba x1 lọ sí x3 tààrà kò tíì fẹsẹ̀ kan x2 rárá, kò sì sí òfin tó ní kó má yà síbẹ̀. Tó bá yà á, ọfà tí géènì rẹ̀ jẹ́ 5 wà níbẹ̀ tó máa gbé e lọ sí x4.

```
x1 → x4             :   1
x1 → x2 → x4        :  10
x1 → x2 → x3 → x4   :   6
x1 → x3 → x4        :   4
x1 → x3 → x2 → x4   : -20
```

Wo ìkẹyìn yẹn dáadáa: 4, lọ́nà -1, lọ́nà 5. Òun ló tóbi jù nínú gbogbo wọn, òun nìkan náà ló sì ní àmì ìyọkúrò.

Ó ku àwọn ìyípo. Yàtọ̀ sí C, ibì kan ṣoṣo ni sígínà lè gbà kúrò ní x4, x1 ni, lórí ọfà -1. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ọ̀nà àlọ kọ̀ọ̀kan tí a kọ sókè yìí, tó bá ti dé x4 tó sì gba orí ọfà yẹn padà sílé, ó ti di ìyípo. Ọfà àbọ̀ kan ṣoṣo ló bí ìyípo márùn-ún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ máa ń rí ọfà kan yẹn, wọ́n á sì ka ìyípo kan. Ìwọ kò ṣe irú àṣìṣe yẹn, mo rí i nínú iṣẹ́ rẹ, mẹ́rin lo kà. Géènì àwọn márààrún ni -1, -10, -6, -4 àti +20. Àmì ìkarùn-ún yí padà torí pé -20 tún pàdé -1 lọ́nà. Ìkẹfà ni ìyípo kékeré tó wà láàárín x2 àti x3, tí géènì rẹ̀ jẹ́ 3 lọ́nà -1, ìyẹn -3.

Ó tó àkókò láti kọ délítà, ìyẹn iye tó máa wà nísàlẹ̀ ìdáhùn wa. A máa bẹ̀rẹ̀ láti 1, a máa yọ àròpọ̀ gbogbo ìyípo kúrò, lẹ́yìn náà a máa fi ìlọ́po àwọn ìyípo méjì-méjì tí kò fara kanra kún un. Tí mẹ́ta bá wà tí kò fara kanra, a óò yọ ìlọ́po tiwọn náà, ṣùgbọ́n kò sí irú rẹ̀ níbí. Kí ìyípo méjì má fara kanra túmọ̀ sí pé wọn kò ní oríta kankan pa pọ̀, kódà ẹyọ kan. Nínú mẹ́fà tí a ní, méjì péré ló rí bẹ́ẹ̀: èyí tó ń lọ láti x1 sí x4 tó ń padà, àti èyí tó wà láàárín x2 àti x3. Gbogbo ìyókù ló gba x2 tàbí x3 kọjá.

```
Δ = 1 - (-1 - 10 - 6 - 4 + 20 - 3) + (-1)(-3)
  = 1 + 4 + 3
  = 8
```

Ọ̀nà àlọ kọ̀ọ̀kan tún ní délítà kékeré tirẹ̀. Da ọwọ́ bo gbogbo oríta tí ọ̀nà náà gbà kọjá, kí o wá fi ìwọ̀nba ìyípo tó ṣẹ́ kù láìfarakàn án ṣe délítà. Mo máa ń fi ìka mi bo ìwé ní ti gidi, ojú kì í tì mí. Ọ̀nà `x1 → x4` nìkan ni ohun kan ṣẹ́ kù fún, ìyípo x2 àti x3 ni, torí náà délítà kékeré rẹ̀ jẹ́ 1 - (-3), ìyẹn 4. Àwọn mẹ́rin yòókù, 1 ni tiwọn. Wá fi délítà kékeré ọ̀nà kọ̀ọ̀kan lọ́po géènì rẹ̀, ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí o sì fi délítà ńlá pín in:

```
T = (1×4 + 10 + 6 + 4 - 20) / 8 = 4/8 = 1/2
```

Yọ -20 kúrò lókè, kí o yọ +20 kúrò nínú délítà, kí o wò ó: 24 lórí 28, ìyẹn 6/7. Ìdáhùn tìrẹ gan-an nìyẹn.

Má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ láìwádìí. Gíráàfù kò ju ìdọ́gba mẹ́rin tí wọ́n yà ní àwòrán lọ, délítà náà kò sì ju dítámínántì àwọn ìdọ́gba yẹn lọ. x2 jẹ́ 2x1 - x3, x3 sì jẹ́ 3x2 + 4x1. Fi èkejì sínú èkíní, wàá rí i pé 4x2 jẹ́ -2x1, nítorí náà x2 jẹ́ -0.5x1, x3 sì jẹ́ 2.5x1. x4 wá jẹ́ 2.5 - 2.5 + 1, gbogbo rẹ̀ lọ́nà x1, èyí tó fi x4 dọ́gba pẹ̀lú x1. Níwọ̀n bí x1 ti jẹ́ R - x4, ìdajì R ni x4. Kò gbà ju ìlà mẹ́rin lọ, mi ò sì mọ ìdí tí àwọn ọmọ kì í fi í ṣe é kí wọ́n tó fi ìwé sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò.

Ìwọ lè ní nọ́ńbà lásán nìyí, pé kí ni ọ̀nà kan tí a fò lè bàjẹ́? Fi 3/s rọ́pò 3 tó wà lórí ọfà `x2 → x3`, bí ẹni fi íńtégírétọ̀ síbẹ̀, kí o tún ìṣirò náà ṣe. Pẹ̀lú ọ̀nà mẹ́rin tìrẹ, ohun tó máa jáde ni:

```
T = (15s + 9) / (16s + 12)
```

Póòlù rẹ̀, ìyẹn iye s tó ń sọ ìsàlẹ̀ di òdo, wà ní s = -0.75. Wàá ní ẹ̀rọ náà dúró ṣinṣin, wàá sì sùn. Pẹ̀lú ọ̀nà márààrún, ohun tó jáde ni:

```
T = (9 - 5s) / (12 - 4s)
```

Póòlù rẹ̀ wà ní s = 3, lápá ọ̀tún. Ohun tó wà níbẹ̀ yóò máa pọ̀ sí i bí e^(3t) títí nǹkan kan yóò fi kún tàbí tí yóò fi jó. Fi s = 1 sínú àwọn méjèèjì, wàá tún bá 6/7 àti 1/2 tí a ti mọ̀ pàdé. Ọ̀nà àyẹ̀wò kan tí mo fẹ́ràn nìyẹn: mú nọ́ńbà kan fún s, yanjú ìdọ́gba rẹ pẹ̀lú nọ́ńbà lásán, kí o fi wé ohun tí fọ́múlà sọ. Àṣìṣe tó bá fara pamọ́ sáàárín lẹ́tà kì í ríbi sá sí lábẹ́ nọ́ńbà.

Ní tèmi o, tí oríta bá ti ń lọ bíi méje tí àwọn ọfà àbọ̀ sì ń gba àárín ara wọn kọjá, mi ò kì í fọwọ́ ka ìyípo mọ́. Mo máa ń kọ ìdọ́gba náà fún kọ̀ǹpútà kó yanjú wọn. Ibi tí fọ́múlà Mason ti wúlò jù ni ibi tí a ti fẹ́ rí bí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ṣe dá kún ìdáhùn, bí a ṣe rí i pé -20 nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ gbogbo ohun tí àwọn yòókù kó jọ tán.

Kí o tó pa ìwé dé, wá x2 lórí R nínú gíráàfù kan náà, pẹ̀lú 3 ti tẹ́lẹ̀. Délítà ńlá kò yí padà, 8 náà ni. Àwọn ọ̀nà àlọ nìkan ló yí, méjì péré ni wọ́n, ọ̀kan nínú wọn sì tún gba ẹ̀yìnkùlé. Tí o kò bá rí -1/4, ọfà `x3 → x2` náà lo tún fò.