Fọ́ọ̀mù ní “a ti rí i gbà”: ta ló rí i gbà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Aṣọ ni mò ń tà ní Balógun, ọmọ tó ń bá mi ṣe wẹ́bsáìtì ní òun ti parí ẹ̀. Sátidé ni mo fẹ́ fi bùrọ́díkáàsì ránṣẹ́ sáwọn kọ́sítọ́mà mi. Fọ́ọ̀mù ń ṣiṣẹ́, mo ti dán an wò, ó ní “Ẹ ṣé, a ti rí i gbà.” Ó ku líǹkì àti bó ṣe ń yára sí, báwo ni kí n ṣe yẹ̀ wọ́n wò?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjà o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá bùrọ́díkáàsì yẹn dúró ná, ẹ ò tíì dán fọ́ọ̀mù wò. Ohun tí ẹ rí ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sójú ìwé, ẹ ò sọ fún mi pé ẹ ṣí ímeèlì yín tí ẹ bá lẹ́tà náà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú gan-an, torí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ó ti tó ẹni mẹ́ta tó gbé irú ẹ̀ wá bá mi ní Yábàá, gbogbo wọn ló sì ń sọ pé fọ́ọ̀mù àwọn ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Tí èèyàn bá tẹ bọ́tìnnì, wẹ́bsáìtì á kó ọ̀rọ̀ ẹ̀ fún sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí wẹ́bsáìtì yín ń gbé, pé kó bá òun fi ránṣẹ́. Tí sáfà bá ti gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ báyìí, wẹ́bsáìtì á ní “a ti rí i gbà.” Ó dà bí ìgbà tí ẹ gbé ẹrù fún awakọ̀ ní Ojúẹlẹ́gbà pé kó bá yín gbé e dé Ìdúmọ̀tà, ó gbà á lóòótọ́, àmọ́ ìyẹn ò sọ pé ẹrù ti dé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, wẹ́bsáìtì ò mọ̀ ọ́n, kò sì ní sọ fún yín.

Ibi méjì ló ti sábà máa ń bàjẹ́. Àkọ́kọ́ ni orúkọ tó wà lẹ́yìn lẹ́tà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe wẹ́bsáìtì máa ń ṣe é kó dà bíi pé kọ́sítọ́mà fúnra ẹ̀ ló fi lẹ́tà ránṣẹ́, kẹ́ ẹ lè dá a lóhùn kíákíá. Ṣùgbọ́n sáfà yín kì í ṣe Yahoo, kì í ṣe Gmail. Láti 2014 ni Yahoo ti kéde pé lẹ́tà èyíkéyìí tó bá pe ara ẹ̀ ní ti yahoo.com tí kò wá látọ̀dọ̀ àwọn, kí wọ́n má gbà á. Torí náà ìyá oníbàárà yín tó ṣì ń lo Yahoo á kọ̀wé, á rí “ẹ ṣé,” lẹ́tà ẹ̀ sì lè má dé ọ̀dọ̀ yín láéláé. Báyìí ló ṣe yẹ kó rí, kí dómẹ́ènì tiyín, ìyẹn orúkọ wẹ́bsáìtì yín, wà lókè, kí ti kọ́sítọ́mà wà níbi ìdáhùn:

```
From: info@example.com
Reply-To: kositoma@example.net
```

Èkejì le jùyẹn lọ, òun ló sì ṣe oníbàárà mi kan tó ń ta léèsì. Wẹ́bsáìtì ẹ̀ wà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ kan, ímeèlì ẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ Google. Nígbà tí ọmọ tó ṣe é ń dán fọ́ọ̀mù wò, àdírẹ́sì Gmail tiẹ̀ ló fi síbẹ̀, gbogbo ẹ̀ ń dé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí i ló yí i sí info ti dómẹ́ènì ìyá yẹn, kò sì tún un dán wò mọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án, ẹnì kankan ò kọ̀wé, ó rò pé ọjà ló dá. Mo wọlé sínú sáfà, mo bá gbogbo lẹ́tà níbẹ̀, nínú àpótí kan tẹ́nì kankan ò mọ̀ pé ó wà. Sáfà yẹn rò pé òun ló ń tọ́jú ímeèlì dómẹ́ènì náà, kò wulẹ̀ gbé lẹ́tà jáde, ó kó wọn sílé ara ẹ̀. Nínú cPanel, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń darí sáfà, ibi tí wọ́n pè ní Email Routing lọ̀rọ̀ wà, ó wà ní Local Mail Exchanger, a yí i sí Remote Mail Exchanger, ó parí. Àwọn kọ́sítọ́mà tó ti kọ̀wé ti lọ ra ọjà níbòmíì.

Èmi ò rí inú sáfà tiyín o, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ṣe é fọwọ́ kàn án fúnra ẹ̀. Ẹ má lọ máa yí nǹkan níbẹ̀ fúnra yín, torí tí ẹ bá ṣì í yí, ímeèlì gbogbo ṣọ́ọ̀bù lè dákẹ́.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò rèé, Tọ́sìdeè ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kì í ṣe àárọ̀ Sátidé, torí àtúnṣe míì lè gbà tó ọjọ́ kan kó tó ràn. Ẹ wá ẹni méjì tí kì í ṣe ará ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan ní Gmail, ọ̀kan ní Yahoo, kí wọ́n kún fọ́ọ̀mù látorí fóònù wọn. Kí wọ́n kọ aago tí wọ́n fi ránṣẹ́ sínú ẹ̀, kẹ́ ẹ lè mọ èyí tó dé àtèyí tí ò dé. Kí ọ̀kan kọ nọ́ńbà ẹ̀ pẹ̀lú 0, kí èkejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +234, fọ́ọ̀mù míì kì í gba ọ̀kan nínú méjèèjì. Kí wọ́n kọ orúkọ tó ní ọ àti àmì ohùn, bí Adéọlá, torí mo ti rí èyí tó dé tó di Ad??l? lójú ìwé. Kẹ́ ẹ wá ṣí info yín, kẹ́ ẹ wo Spam náà, kẹ́ ẹ sì dá lẹ́tà náà lóhùn kẹ́ ẹ rí i pé ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ ọ́ ló lọ. Tó bá jẹ́ Gmail lẹ fi ń ka ímeèlì, ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ àmì dọ́ọ̀tì mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà, ẹ yan Show original. Tẹ́ ẹ bá rí PASS níwájú SPF àti DKIM, ìyẹn àyẹ̀wò méjì tó ń sọ bóyá ibi tí lẹ́tà ní òun ti wá ló ti wá lóòótọ́, ó dáa. Tó bá jẹ́ FAIL, ẹ ya fọ́tò ẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sọ́mọ yẹn.

Ti líǹkì ò le. Ẹ yá fóònù ẹlòmíì, ẹ tẹ gbogbo ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, pàápàá àmì Ínsítágíráàmù tó wà nísàlẹ̀, torí ó sábà máa ń jẹ́ pé kò lọ síbì kankan. Líǹkì tó bá ní localhost nínú, kọ̀ǹpútà ọmọ yẹn nìkan ló máa ń ṣí i. Ti Wọ́sáàpù, ẹ yọ 0 àti + kúrò, 234 ló máa ṣíwájú:

```
https://wa.me/2348XXXXXXXXX
```

Ti ìyára, ẹ má fi fóònù tiyín wò ó mọ́, ó ti tọ́jú àwọn fọ́tò yẹn sínú ara ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń yára lójú yín. Ẹ pa wáífáì, ẹ tan dátà, ẹ ṣí i nínú Incognito lọ́sàn-án gangan nínú ọjà Balógun, nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti wúwo. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi àdírẹ́sì wẹ́bsáìtì yín sínú PageSpeed Insights, ìyẹn ibi tí Google ti ń wọn ìyára wẹ́bsáìtì, kẹ́ ẹ wo apá Mobile, LCP ni kẹ́ ẹ wá, ìyẹn ìgbà tí ohun tó tóbi jù lójú ìwé bá yọ. Google ní kó má ju ìṣẹ́jú àáyá 2.5 lọ. Tí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, fọ́tò aṣọ tí wọ́n gbé kalẹ̀ bí kámẹ́rà ṣe yà á ni mo máa kọ́kọ́ fura sí, ẹ ní kí ọmọ yẹn dín ìwọ̀n wọn kù kó tó tún gbé wọn sí i.

Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ kọ́kọ́ fi líǹkì ránṣẹ́ sẹ́ni mẹ́wàá péré, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n béèrè nǹkan nínú fọ́ọ̀mù. Tí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bá ti wà nínú ímeèlì yín, kẹ́ ẹ wá fi tàwọn tó kù ránṣẹ́.