Ṣéńjì àjọgbà nínú kòròpé

"Ẹ̀yin àgbà aláwàdà, mo kọ àwàdà kan nípa kòròpé tó kún fọ́fọ́. Mo kà á fáwọn ọ̀rẹ́ mi nílé wa ní Òkè-Báálẹ̀ nílùú Òṣogbo. Gbogbo wọn ní òótọ́ ni, àmọ́ kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Kí ló kù?"

Àbúrò, ó ṣe mí bẹ́ẹ̀ rí níbi ìgbéyàwó kan ní Òkè-Fìà. Mo ní ọkọ̀ gbóná, mo ní wọ́n fún wa mọ́ra, mo ní òógùn ẹni ẹlẹ́ni ń kán sí mi lára. Àwọn èèyàn ń mi orí. Mo wá fi kọ̀ńdọ́ tó rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn kún un, ni gbogbo ibẹ̀ bá pa lọ́lọ́. Kòròpé tí wọ́n ń wọ̀ lójoojúmọ́ kò ní kọ̀ńdọ́, dírẹ́bà fúnra rẹ̀ ló ń gbowó. Ọ̀rọ̀ Èkó ni mo kó wá bá ará Òṣogbo.

Orí tí wọ́n ń mì yẹn gan-an ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Tèèyàn bá mi orí, ohun tí òun náà ti fẹnu ara rẹ̀ sọ lo sọ. Ta ni kì í pariwo ooru nínú ọkọ̀? Ẹ̀rín wà nínú ohun tó ń ṣe níbẹ̀ tí kò sọ fẹ́nì kankan rí, tó rò pé òun nìkan ló ń ṣe é. Wo ẹni tí wọ́n ní "ẹ sún díẹ̀". Á mi èjìká, á tún aṣọ ṣe, á mí kanlẹ̀, àmọ́ ìdí rẹ̀ kò kúrò níbi tó wà. Gbogbo wa la mọ èyí, ọ̀pọ̀ wa la sì ń ṣe é.

Lẹ́yìn ìgbéyàwó yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sẹ́yìn kòròpé láti Ìgbóǹnà lọ sí Ògo-Olúwa. Ohun tí ọwọ́ àti ojú ń ṣe ni mò ń kọ sínú fóònù, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ gan-an tó jáde lẹ́nu wọn. Ibẹ̀ ni mo ti rí èyí tí mo fi ń jẹun títí dòní.

Owó ọkọ̀ jẹ́ ₦250. Èmi fún dírẹ́bà ní ₦500, ìyá kan tó gbé àpò ata lé ẹsẹ̀ náà fún un ní ₦500. Dírẹ́bà na ₦500 kan ṣoṣo sẹ́yìn láìwẹ̀yìn: "Ẹ̀yin méjì yẹn, ẹ jọ gbà á." Ọwọ́ ìyá yá ju tèmi lọ. Láti ìgbà yẹn, n kò wo títì mọ́, ọwọ́ ìyá ni mò ń wò. Ó gbé e sókè, mo gbójú sókè. Ó ń ṣe bí ẹni pé kò mọ̀, èmi náà ń ṣe bí ẹni tó ń wo ata. Nígbà tí a dé Ọláìyá, ìyá ní "ó wà o". Ògo-Olúwa ni mò ń lọ, àmọ́ mo bá a bọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí mo gbé e dé orí pèpéle, ẹnu ọ̀rọ̀ dírẹ́bà yẹn ni ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀, n kò tíì dé Ọláìyá rárá. Mo rí wọn tí wọ́n ń nàka sí ara wọn. Ìyẹn ni kó o máa wò. Tó bá jẹ́ ìgbà tó o bá bù mọ́ ọn nìkan ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín, o kò tíì rí ohun tó wà níbẹ̀.

Nígbà ayé Bàbá Sálà, ó lè fi ìmúra nìkan pa èèyàn lẹ́rìn-ín kó tó lanu. Ìwọ tó o máa dúró lásán, ọ̀rọ̀ rẹ gbọ́dọ̀ pé. Yọ "ṣé ẹ ti ṣàkíyèsí pé" kúrò níbẹ̀rẹ̀, torí á jẹ́ kí wọ́n múra sílẹ̀ dè ọ́. Kí owó rẹ sì bára mu: tí owó ọkọ̀ bá ti di ₦300, ṣéńjì ẹni méjì ti di ₦400, kò sì sí bébà kan ṣoṣo tó jẹ́ ₦400. Àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò owó, wọn ò ní gbọ́ ìyókù.

Ibi tí mò ń parí rẹ̀ sí rèé. Èmi àti ìyá aláta dúró níwájú ẹni tó ń ta omi inú ọ̀rá ní Ọláìyá, a ń sún mọ́ra bí tọkọtaya, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ìkejì rìn síwájú. A ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣẹ́ ẹ." Ó wo ₦500, ó wò wá láti òkè délẹ̀, ó ní, "Kí lẹ fẹ́ rà?"