Go tàbí goes, was tàbí were?

"Ẹ̀yin àgbà, mo kọ *I suggest that he go*, ọ̀rẹ́ mi ní *goes* ló tọ́. Ó tún ní *if I was you* ni kí n kọ. Ta ló jàre?"

Ìwọ lo jàre, àbúrò, àmọ́ ọ̀rẹ́ rẹ kò jìnnà sí i. Fi Yorùbá yẹ̀ ẹ́ wò: "mo dábàá pé kí ó lọ." Iṣẹ́ "kí" yẹn ni *go* ń ṣe, torí ìlọ náà kò tíì ṣẹlẹ̀.

Ibi tó ti hàn jù ni *insist*. *She insists that he go*: ó fi dandan lé e pé kí ó lọ. *She insists that he goes*: ó ń tẹnu mọ́ ọn pé ó máa ń lọ. Lẹ́tà méjì péré o!

Bó bá ṣì rú ọ lójú, sọ ọ́ di òdì. Bí Yorùbá rẹ bá jẹ́ "kí ó má lọ", *he not go* ni. Bó bá jẹ́ "kì í lọ", *he doesn't go* ni. Ṣùgbọ́n má gbé e dé ọ̀dọ̀ *want*: "mo fẹ́ kí ó lọ" ní "kí" lóòótọ́, síbẹ̀ *I want him to go* ni Gẹ̀ẹ́sì ń sọ. Àwọn ará Bìrìtìkó sì máa ń sọ *should go*, àwọn mìíràn a tilẹ̀ sọ *goes*.

Ní ti *were*, "ká ní èmi ni ìwọ" ni, ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀. Ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ *was*, ṣùgbọ́n *were* ni kí o kọ nínú ìdánwò. Àmọ́ *if I was rude yesterday* tọ́, torí ó ṣeé ṣe kí o ti rí ẹnìkan fín lánàá lóòótọ́.