Ìpè kejì ni kí ẹ kà

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Súpáfáísọ̀ ni mí ní kọ́ọ̀lù sẹ́ńtà kan tó ń gbé ìpè fún báńkì. Iye ìṣẹ́jú tí ejẹ́ńtì ń lò lórí ìpè nìkan ni wọ́n fi ń ṣe ìgbéléwọ̀n wa, kò sẹ́ni tó ń béèrè bóyá inú kọ́sítọ́mà dùn. Ọmọbìnrin tó mọ iṣẹ́ jù nínú àwọn tí mò ń darí ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ kì í tán lọ́rùn mi ló gba ipò kìíní. Ìgbéléwọ̀n ìdajì ọdún ti dé. Báwo ni mo ṣe máa gbèjà ọmọ yìí tí wọn ò fi ní sọ pé mò ń ṣègbè?*

Mo ṣe ejẹ́ńtì, mo ṣe súpáfáísọ̀, kí wọ́n tó wá gbé mi lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ́tí sí ìpè tí ẹ̀rọ ti gbà sílẹ̀, ní kọ́ọ̀lù sẹ́ńtà báńkì kan l'Ékòó. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ẹ má lọ bá àwọn ọ̀gá yín jiyàn lórí inú dídùn kọ́sítọ́mà. Wọ́n á ní kí ẹ mú iye wá, ẹ ò sì ní iye kankan lọ́wọ́. Ìpè kejì ni kí ẹ kà, ìyẹn ìpè tí kọ́sítọ́mà kan náà tún pè lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Ó ti wà nínú ẹ̀rọ yín tẹ́lẹ̀, ìṣẹ́jú tí àwọn ọ̀gá yín fẹ́ràn náà la sì máa fi sọ ọ́ fún wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹjọ́ kan tí kò sí ejẹ́ńtì báńkì tí kò mọ̀ ọ́n: ẹ̀rọ ATM yọ owó nínú àkáǹtì, kò pọ owó jáde. Ejẹ́ńtì àkọ́kọ́ á ní, “Ẹ má bínú sà, ẹ fi sùúrù sí i, owó yín máa padà láàárín wákàtí 24.” Ó dágbére, ó ju ìpè sílẹ̀, kò kọ nǹkan kan. Ejẹ́ńtì kejì á béèrè pé ẹ̀rọ báńkì wo ni, ọjọ́ wo, èló ni. Á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹni tó ń pè ló ni àkáǹtì lóòótọ́, á kọ ẹjọ́ náà sórí ẹ̀rọ, á fún kọ́sítọ́mà ní nọ́ńbà ẹjọ́, á sì sọ ọjọ́ tó yẹ kó máa retí owó rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ lè má ju ìṣẹ́jú 2 lọ. Ti kejì lè tó 6.

Ohun tó mú kí ọgbọ́n ti àkọ́kọ́ máa ṣiṣẹ́ ni pé kò jọ irọ́. Láti oṣù kẹfà ọdún 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti pàṣẹ pé tó bá jẹ́ ẹ̀rọ báńkì tí èèyàn ní àkáǹtì sí ni, ojú ẹsẹ̀ ni kí owó padà, tí ẹ̀rọ kò bá sì dá a padà, kí wọ́n fi ọwọ́ ṣe é láàárín wákàtí 24. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ báńkì mìíràn, wákàtí 48 ni. Nítorí náà, ẹni tó ní “wákàtí 24” ka òfin, àmọ́ ìdajì òfin ló kà. Kò béèrè ẹ̀rọ ta ni. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, tí owó kò bá padà fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wá a lọ àfi kí ẹjọ́ rẹ̀ ti wà lórí ẹ̀rọ. Kọ́sítọ́mà á dúró, á retí, lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta á tún pè, inú rẹ̀ á ti ru. Ejẹ́ńtì mìíràn ló máa gbé e. Òun ló máa gba èébú, òun ló máa kọ ẹjọ́ tó yẹ kí wọ́n ti kọ látìbẹ̀rẹ̀, ìpè gígùn náà á sì wọlé sórúkọ òun. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọbìnrin yín nìyẹn. Ẹni tó ń tún iṣẹ́ ẹlòmíì ṣe kò lè yára tó ẹni tó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Ká sọ pé ejẹ́ńtì kan gbé ìpè 100, ìṣẹ́jú 4 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú 400 nìyẹn. Nínú 100 yìí, 40 tún padà pè, ìpè kejì sì ń gba ìṣẹ́jú 10 nítorí pé ó ti di ìjà. Ìṣẹ́jú 400 mìíràn nìyẹn, lọ́rùn àwọn ẹlòmíì. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 800 lórí ẹjọ́ 100, ìṣẹ́jú 8 lórí ẹjọ́ kan. Ẹnì kejì gbé ìpè 60, ìṣẹ́jú 6 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ 360. Mẹ́fà péré ló padà pè, ó jẹ́ 60. Àpapọ̀ 420 lórí ẹjọ́ 60, ìṣẹ́jú 7 lórí ẹjọ́ kan. Ẹni tí wọ́n ń pè ní onílọ̀ọ́ra ló náni ní ìṣẹ́jú díẹ̀ jù. Ẹ kíyè sí i pé mi ò tíì dárúkọ inú dídùn ẹnikẹ́ni.

Báyìí lẹ ṣe máa rí iye tiyín. Ẹ sọ fún àwọn tó ń ṣe ìròyìn kí wọ́n fún yín ní àkọsílẹ̀ ìpè oṣù mẹ́ta sórí Excel. Ẹ fi nọ́ńbà ẹni tó pè sí A, ọjọ́ àti aago sí B, ìdí ìpè tí ejẹ́ńtì yàn sí C, orúkọ ejẹ́ńtì sí D. Ní E2, ẹ kọ èyí, kí ẹ sì fà á dé ìsàlẹ̀ àkọsílẹ̀:

```
=COUNTIFS(A:A,A2,C:C,C2,B:B,">"&B2,B:B,"<="&B2+3)
```

Ó máa sọ iye ìgbà tí nọ́ńbà yẹn tún pè lórí ìdí kan náà láàárín ọjọ́ 3. Mo yan ọjọ́ 3 nítorí wákàtí 48 tí Báńkì Àpapọ̀ fi sílẹ̀, kí á sì fi ọjọ́ kan lé e. Ibikíbi tí E bá ti ju òdo lọ, ẹ kà á sí ọ̀kan, sọ́rùn ejẹ́ńtì tó gbé ìpè àkọ́kọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á lọ kà á sọ́rùn ẹni tó gbé ìpè kejì. Ìyà oníyà ni wọ́n ń fi jẹ ọmọ ọlọ́mọ yẹn.

Iye náà ní ibi tó ti lè parọ́ o. Tí nọ́ńbà kan bá wọlé pẹ̀lú 0 lónìí, tó wá wọlé pẹ̀lú +234 lọ́la, Excel kò mọ̀ pé ẹnì kan náà ni, torí náà ẹ kọ́kọ́ sọ gbogbo wọn di irú kan. Àwọn oníPOS máa ń fi fóònù kan pè fún kọ́sítọ́mà oríṣiríṣi, wọ́n á sì ba iye yín jẹ́. Tí nọ́ńbà àkáǹtì bá wà nínú àkọsílẹ̀, òun ni kí ẹ lò dípò nọ́ńbà fóònù. Ìpè tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já, tí ẹni náà tún pè láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ yọ ọ́ kúrò. Àmọ́ kí ẹ tó yọ ọ́, ẹ wo ibi tí ẹ̀rọ ti ń sọ ẹni tó parí ìpè, bóyá kọ́sítọ́mà ni tàbí ejẹ́ńtì. Tó bá jẹ́ ejẹ́ńtì, tí ìpè náà kò sì tó ìṣẹ́jú kan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ́ o. Mo ti gbọ́ irú rẹ̀ tó pọ̀ lórí ìpè tí a gbà sílẹ̀: “Hẹ́lò? Hẹ́lò? Mi ò gbọ́ yín mọ́ o,” ohùn kọ́sítọ́mà sì ń dún ketekete.

Ó tún ku ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ wò lára ẹni tó gba ipò kìíní. Ẹ to gígùn àwọn ìpè rẹ̀ láti kékeré dé ńlá. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ gidi, ìpè rẹ̀ á fọ́n káàkiri: òmíràn kúrú, òmíràn gùn gan-an, nítorí pé ìṣòro àwọn èèyàn kò dọ́gba. Tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú 4 ni òdiwọ̀n yín, tí ìpè ẹni yìí wá kó jọ sí ìṣẹ́jú 3 àti ààbọ̀ sí 4, tó wá dákẹ́ níbẹ̀, aago ló ń wò, kì í ṣe ẹjọ́. Ẹ wo iye ìpè tó ń tì sọ́dọ̀ ẹlòmíì pẹ̀lú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yan ìpè mẹ́wàá nínú èyí tó padà, kí ẹ tẹ́tí sí i. Láì gbọ́ ọ, ẹ má fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni.

Ẹ fi ẹni wé ẹgbẹ́ rẹ̀. Tí ọmọ yín bá wà lórí ìlà Yorùbá, tí ẹnì kejì wà lórí ìlà Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi wọ́n wéra rárá. Àwọn àgbàlagbà, àwọn tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì, àwọn ìyá ọlọ́jà ló pọ̀ lórí ìlà Yorùbá. Màmá kan á kọ́kọ́ kí ọ, á béèrè àlàáfíà ilé rẹ, á wá ní kí o dúró kí òun pe ọmọ òun kó bá òun ka nọ́ńbà ara káàdì. O ò lè sọ fún un pé aago ń lọ. Ìlà kan náà, irú ẹjọ́ kan náà, ìgbà yẹn ni ìfiwéra tó lè dúró.

Ní ti àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń ní kí kọ́sítọ́mà fún ejẹ́ńtì ní máàkì láti 1 dé 5, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ sáré bẹ̀bẹ̀ fún un. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tíì padà, 1 ló máa tẹ̀, bí ejẹ́ńtì ṣe wù kó ṣe dáadáa tó, nítorí báńkì ló ń bínú sí. Níbi tí ejẹ́ńtì bá ti lè yan ẹni tí yóò rí àtẹ̀jíṣẹ́ náà gbà, àwọn kọ́sítọ́mà tí inú wọn dùn nìkan ló máa fi í ránṣẹ́ sí. Tí wọ́n bá fẹ́ béèrè nǹkan, kí wọ́n béèrè ẹyọ kan: “Ṣé ọ̀rọ̀ yín ti yanjú?” Kó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ní ọjọ́ kẹta.

Mi ò sọ pé kí wọ́n má ka ìṣẹ́jú. Láìsí i, kò sẹ́ni tó lè mọ iye èèyàn tó yẹ kó jókòó láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìlà á sì gùn débi tí kọ́sítọ́mà á fi sú. Àmọ́ iṣẹ́ ẹni tó ń ṣètò ìjókòó nìyẹn, kò yẹ kó di máàkì ẹnì kan ṣoṣo.

Kí ẹ tó gbé ìwé yín lọ bá ẹnikẹ́ni, ẹ wádìí bí báńkì ṣe ń sanwó fún ilé iṣẹ́ yín. Tó bá jẹ́ iye ìpè ni, owó ni ìpè kejì jẹ́ fún ọ̀gá yín, ẹ má retí pé inú rẹ̀ máa dùn sí ìròyìn yín. Ẹni tó ń ṣojú báńkì ló yẹ kó rí i, nítorí òun ló ń sanwó lẹ́ẹ̀mejì lórí ẹjọ́ kan. Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá yín mọ̀ kí ẹ tó fi han ẹni tó ń ṣojú báńkì, kó má bàa jọ pé ẹ fò ó lórí. Tó bá jẹ́ iye ejẹ́ńtì tó jókòó ni wọ́n ń sanwó fún, ọ̀gá yín fúnra rẹ̀ á gbọ́, torí pé ìpè tó dín kù máa dín ìlà kù.

Nínú ìwé ìgbéléwọ̀n, níbi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ súpáfáísọ̀, ẹ má kọ “ó ní sùúrù” tàbí “àwọn kọ́sítọ́mà fẹ́ràn rẹ̀.” Ẹ kọ ìpè tó gbé, iye tó padà nínú rẹ̀, ìpíndọ́gba iye tó padà fún àwọn tó wà lórí ìlà kan náà, àti ìṣẹ́jú tí ẹjọ́ kan náni lẹ́yìn tí a bá ti ro ìpè kejì mọ́ ọn. Ẹ kọ irú iye kan náà fún gbogbo ẹni tí ẹ ń darí, títí kan ẹni tó gba ipò kìíní, kó má sì sí ẹni tó máa rí ti ọmọ yìí nìkan. Ẹ jẹ́ kí ọmọbìnrin náà buwọ́ lu tirẹ̀, kó sì mú ẹ̀dà tirẹ̀ lọ sílé.