Bí a ṣe ń ya àfikún iye owó yúnìtì sọ́tọ̀ kúrò lára àfikún iná tí a lò

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, nǹkan bíi ₦30,000 la fi ra iná sílé. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún yẹn, ó ti ju ₦45,000 lọ. Ọkọ mi ní àwọn ọmọ ni kì í pa ẹ̀rọ amúlétutù. Èmi ní wọ́n fi owó kún iná ni. Báwo la ṣe lè mọ èyí tó jẹ́ òótọ́? Mítà tí à ń ra káàdì sí ni tiwa, ní Yábàá.”

Ìdáhùn: Ẹ kú àárọ̀, màmá. Irú àríyànjiyàn yìí wáyé nínú ilé tiwa ní Sùúrùlérè, iye tí a ná sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tiyín mu, nítorí náà tiwa ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ kó gbogbo rìsíìtì yín jọ, kí ẹ sì kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀ láti ara ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ tí ẹ rà á, iye náírà tí ẹ san, àti iye yúnìtì tí wọ́n fún yín, èyí tí mítà ń pè ní kWh. Bí ìwé rìsíìtì bá ti sọnù, ẹ wá a nínú àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù yín, nítorí ibẹ̀ ni nọ́ńbà 20 tí a ń tẹ̀ sínú mítà máa ń wà, iye yúnìtì náà a sì máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wá iye tí wọ́n ta yúnìtì kan fún yín lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Kí oṣù kẹrin ọdún 2024 tó dé, nǹkan bíi ₦68 ni yúnìtì kan fún àwọn ilé tó wà ní Bándì A. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ni wọ́n gbé e lọ sí ₦225. Ní oṣù karùn-ún wọ́n dín in kù sí ₦206.80, ó sì di ₦209.50 ní oṣù keje. Owó orí ọjà tí ìjọba ń gbà, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sí nínú àwọn iye wọ̀nyí. Orí wọn ni wọ́n ń fi í lé. Tí ẹ bá san ₦10,000 nígbà tí yúnìtì jẹ́ ₦209.50, ẹ pín 10,000 sí 1.075, ẹ ó rí ₦9,302.33, ẹ tún pín èyí sí 209.50, ẹ ó rí yúnìtì 44.4. Tí ohun tó wọlé sínú mítà yín bá kéré sí èyí gan-an, bí àpẹẹrẹ tí ó bá jẹ́ 36, a jẹ́ pé wọ́n yọ gbèsè àtẹ̀yìnwá lára owó náà, tàbí pé ẹni tó ta iná fún yín gba owó iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ ya irú owó bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ pátápátá kí ẹ tó ṣírò ohunkóhun, nítorí kì í ṣe owó iná tí ẹ lò lóṣù yẹn, kì í sì í ṣe àfikún iye owó yúnìtì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti máa ń ṣi ìṣirò náà gbé ni pé wọ́n ka iná tí wọ́n rà sí iná tí wọ́n lò. Nínú ilé tiwa, yúnìtì 410 la rà ní oṣù kẹta ọdún 2024, nítorí a rà á sílẹ̀ de àlejò ọdún Àjíǹde tó bọ́ sí ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù náà. Ní oṣù kẹjọ, yúnìtì 205 péré la rà. Ẹni tó bá wo rìsíìtì nìkan yóò sọ pé a ti dín iná tí à ń lò kù sí ìdajì, àti pé owó tí a ná kúrò ní ₦29,971 lọ sí ₦46,169. Iye tí a ná ni èyí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sọ iye iná tí a lò fún wa. Kí a tó lè mọ ìyẹn, a ní láti mọ iye yúnìtì tó wà lójú mítà ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù àti ní ìparí rẹ̀. Ẹ mú èyí tó wà níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ fi ohun tí ẹ rà kún un, kí ẹ sì yọ èyí tó ṣẹ́kù ní ìparí kúrò. Ní oṣù kẹta, 25 ló wà níbẹ̀, a ra 410, 135 ló sì ṣẹ́kù, nítorí náà 300 la lò. Ní oṣù kẹjọ, 90 ló wà níbẹ̀, a ra 205, 55 ló ṣẹ́kù, nítorí náà 240 la lò. Yúnìtì 135 tó ṣẹ́kù lóṣù kẹta yẹn la lò ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ní iye àtijọ́, nítorí ohun tó bá ti wọ inú mítà kì í gbówó lórí mọ́. Ìdí nìyí tí àfikún owó náà kò fi hàn lápò wa ní kété tí wọ́n kéde rẹ̀.

Tí ẹ kò bá kọ ohun tó wà lójú mítà sílẹ̀ nígbà náà, ẹ pa rìsíìtì oṣù mẹ́ta pọ̀ kí ẹ sì pín in sí mẹ́ta. Ohun tó ṣẹ́kù ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí èsì padà mọ́ bí àkókò náà bá gùn tó bẹ́ẹ̀.

Ó wá kan pípín àfikún náà láàárín iye owó yúnìtì àti iye iná tí a lò. Láìka owó orí ọjà, yúnìtì 300 ní ₦68 jẹ́ ₦20,400, yúnìtì 240 ní ₦209.50 sì jẹ́ ₦50,280. Àfikún náà jẹ́ ₦29,880. Iye yúnìtì kan ti fi ₦141.50 lé sí i. Ẹni tó bá fi èyí lọ́po 300 tí a ń lò tẹ́lẹ̀ yóò ní ₦42,450 ni àfikún iye owó mú wá. Ẹni tó bá fi í lọ́po 240 yóò ní ₦33,960 ni. Àwọn méjèèjì lè máa jiyàn títí di alẹ́, oníkálukú yóò sì mú èyí tó gbe ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ohun tí mo gbà pé ó tọ́ ni kí a lo ìdajì ọ̀nà, ìyẹn 270, tó bọ́ sí àárín 300 àti 240. Èyí fún wa ní ₦38,205. Ní ti iná tí a lò, ó dín ní 60. A fi èyí lọ́po ₦138.75, tó jẹ́ àárín ₦68 àti ₦209.50, a sì rí ₦8,325 tó dín kù. Ẹ yọ 8,325 kúrò nínú 38,205, ẹ ó rí ₦29,880 gẹ́lẹ́, láìku náírà kan. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí nítorí pé kò sí owó kankan tó ń ṣẹ́kù tí a ó máa du ẹni tó ni ín. Lẹ́yìn èyí ni ẹ lè fi gbogbo rẹ̀ lọ́po 1.075 láti mú owó orí ọjà wọlé, àfikún náà yóò sì di ₦32,121.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì fi èyí parí ọ̀rọ̀, nítorí oṣù kẹta àti oṣù kẹjọ kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn ní Èkó. Ooru oṣù kẹta kì í jẹ́ kí ènìyàn lè sùn láìtan ẹ̀rọ amúlétutù tàbí fáànù. Ní oṣù kẹjọ ojú ọjọ́ ti tutù. Yúnìtì 60 tó dín kù yẹn lè jẹ́ iṣẹ́ ojú ọjọ́ lásán, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú ilé. Nítorí náà a wá rìsíìtì oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 jáde. Yúnìtì 705 la rà láàárín oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tó jẹ́ 235 lóṣù kan. Oṣù kẹjọ ọdún 2024 fi yúnìtì 5 péré ju èyí lọ, owó rẹ̀ kò sì ju ₦1,050 lọ ní iye tuntun, láìka owó orí ọjà. Ìgbà náà ni ó tó hàn pé a kò lo iná jù, a kò sì dín in kù. Iye owó yúnìtì ló yí padà.

Ohun kan ṣì wà tí rìsíìtì kò lè sọ, ìyẹn ni wákàtí tí iná fi wà. A máa ń kọ ọ́ sínú ìwé tí a fi ń ṣọ́ epo jẹnẹrétọ̀, nítorí náà a mọ̀ pé ní oṣù kẹjọ ọdún 2023 iná ń wà fún nǹkan bíi wákàtí 14 lójúmọ́, ó sì di 21 ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ìyẹn jẹ́ wákàtí 434 lóṣù àkọ́kọ́ àti 651 lóṣù kejì. Ẹ pín 235 sí 434, ẹ ó rí 0.54, ẹ pín 240 sí 651, ẹ ó rí 0.37. Iná tí à ń lò láàárín wákàtí kan ti dín kù gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àpapọ̀ oṣù kò yí padà. Àwọn ará ilé ń pa nǹkan lóòótọ́, àmọ́ iná tó pọ̀ sí i ló gba ohun tí wọ́n dín kù. Ẹ má ṣe fi ìṣirò yìí ṣe òdiwọ̀n tó péye jù, o, nítorí fíríìjì máa ń ṣiṣẹ́ àṣekún nígbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ́yìn tó ti lọ pẹ́, bátìrì ẹ̀rọ inúfátà sì ń fa iná tirẹ̀ fún wákàtí díẹ̀ títí yóò fi kún. Owó epo tí a kò rà mọ́ náà kò sí nínú owó iná, ẹ sì níláti kọ ọ́ sí ibòmíràn tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ilé ń ná ní tòótọ́.

Fún àwọn tí kò ní mítà, tí wọ́n kàn ń gbé ìwé owó iná wá fún lóṣooṣù, ọ̀nà yìí kò ṣiṣẹ́. Yúnìtì tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé náà jẹ́ ohun tí wọ́n fojú bù, kì í ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni kà lójú mítà.

Ní ti ẹ̀rọ amúlétutù tí bàbá ń sọ, ìdánwò rẹ̀ kò le. Ẹ yan òru méjì tí ojú ọjọ́ wọn jọra, tí iná sì wà títí di àárọ̀. Ẹ ka mítà nígbà tí ẹ bá fẹ́ sùn, kí ẹ tún kà á bí ilẹ̀ bá ti mọ́; ẹ tan ẹ̀rọ náà ní òru kan, ẹ pa á ní òru kejì, kí ẹ sì jẹ́ kí gbogbo nǹkan yòókù wà bó ṣe wà. Tiwa fi yúnìtì 4 yàtọ̀, èyí tó jẹ́ ₦901 lóru kan pẹ̀lú owó orí ọjà. Tí tiyín bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi lọ́po iye òru tí àwọn ọmọ ń tan án lóṣù, kí ẹ sì fi wé ohun tí ẹ bá rí nínú ìṣirò òkè yẹn.