Lẹ́tà sí Oní-ṣọ́ọ̀bù Lórí Oúnjẹ Tí Ọjọ́ Ìlò Rẹ̀ Ti Kọjá

“Mo ra mílíìkì alágolo ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Adó-Èkìtì. Ilé ni mo ti rí i pé ọjọ́ ìlò rẹ̀ ti kọjá. Mo fẹ́ kọ̀wé sí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù náà. Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́ tí kò fi ní lè sọ pé irọ́ ni mo ń pa?”

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì dá agolo yẹn padà fún wọn, nítorí ibẹ̀ gan-an ni èmi ti ṣìṣe. Ní ọdún 2022, mo ra mílíìkì ẹlẹ́bú, agolo 400 gíráàmù, ní ilé ìtajà kan ní Ajílósùn, mo sì gbé e fún àbúrò mi obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Òun ló pè mí pé ẹ̀bú náà ti dì, ó sì ń rùn bí òróró tó ti pẹ́ jù. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ tí mo yí ìdí agolo sókè, ìwé pélébé tí wọ́n kọ iye owó sí ni mo bá lórí déètì. Bí mo ṣe ń fi èékánná họ ọ́ kúrò ni nọ́ńbà ń yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan, títí mo fi rí i pé ó ti lé ní oṣù mẹ́rin tí ọjọ́ ìlò rẹ̀ ti kọjá. Mo fi ìbínú gbé agolo àti rìsíìtì lé ọmọbìnrin tó ń gbowó lọ́wọ́. Nígbà tí lẹ́tà mi fi dé ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀, èsì tí mo gbà ni pé òun kò rí agolo kankan. Ẹnu mi nìkan ló kù, èébú ló sì kún inú lẹ́tà náà.

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ó tún ṣẹlẹ̀ sí mi ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn, páálí kọnfíléèkì ni lọ́tẹ̀ yìí. Mo tọ́jú páálí náà sílé pẹ̀lú ohun tó kù nínú rẹ̀, mo ya fọ́tò rẹ̀, mo ṣe fọ́tókọ́pì rìsíìtì, mo wá kọ̀wé báyìí sí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe sí àwọn tó ń bá a tajà:

“Ẹ̀yin Ọ̀gá wa, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2023, mo ra páálí kọnfíléèkì kan ní ilé ìtajà yín ní ₦1,900, nọ́ńbà rìsíìtì mi sì ni 00417. Ohun tí wọ́n tẹ̀ sórí páálí náà ni EXP 01 2023, nọ́ńbà báàṣì rẹ̀ sì ni B2207. Páálí náà wà lọ́wọ́ mi, ẹ sì lè wá wò ó. Mo bẹ̀ yín, ẹ dá owó mi padà, ẹ kó gbogbo páálí tó bá ní nọ́ńbà báàṣì yìí kúrò lórí pẹpẹ, kí ẹ sì fún mi lésì láàárín ọjọ́ méje.”

Nọ́ńbà báàṣì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun ló mú kí lẹ́tà náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn páálí tí wọ́n jọ ṣe pọ̀ ló máa ń ní nọ́ńbà kan náà àti déètì kan náà, nítorí náà ọ̀gá lè lọ sí pẹpẹ rẹ̀ kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà báàṣì kò lè fi hàn pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹ ti rà á. Iṣẹ́ rìsíìtì nìyẹn.

Ẹ kọ déètì náà gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́. Bí oṣù àti ọdún nìkan ló bá wà níbẹ̀, ìparí oṣù náà ni kí ẹ kà á sí. Ká ní EXP 03 2023 ni tèmi ni, n kò bá tí ní ẹ̀sùn kankan ní ọjọ́ 14. Bí ó bá sì jẹ́ BEST BEFORE ni wọ́n kọ, ẹ má pè é ní EXP, torí dídára oúnjẹ náà ni ìyẹn ń sọ. Ẹ má sì kọ ọ́ pé ó fún yín ní inú rírun bí dókítà kò bá sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀dà méjì ni mo tẹ̀. Mo fi ọ̀kan sílẹ̀, mo sì ní kí akọ̀wé wọn fọwọ́ sí èkejì kí ó kọ ọjọ́ sí i. Bí ọjọ́ méje bá pé tí wọn kò dáhùn, ẹ̀dà yẹn àti páálí ni ẹ máa gbé lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC, tàbí kí ẹ fi ẹjọ́ sun FCCPC, àjọ tí òfin ọdún 2018 gbé kalẹ̀ láti dáàbò bo oníbàárà.

Tèmi kò dé ibẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ọ̀gá náà pè mí fúnra rẹ̀, ó ní páálí mọ́kànlá ni òun rí lórí pẹpẹ, òun sì ti kó wọn kúrò. Nígbà tí mo lọ gba owó mi, mo bá ọmọ kan lórí ìkúnlẹ̀ nídìí pẹpẹ náà, tó ń yí páálí kọ̀ọ̀kan láti wo déètì rẹ̀.