Ẹ má kàn fi àmì ìdánudúró gé gbólóhùn àdéhùn

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ sà, gbólóhùn kan nínú ìwé àdéhùn ilé tí mo fẹ́ fi háyà gùn jù. Ẹnìkan ní ibi tí mo bá ti rí kọ́mà, kí n fi àmì ìdánudúró síbẹ̀. Ṣé ó ti parí nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹni tó gbà yín nímọ̀ràn yìí lè kó yín sí wàhálà. Gígùn nìkan kọ́ ni àìsàn gbólóhùn àdéhùn. Ohun tó ṣòro níbẹ̀ ni mímọ iṣẹ́ tí májẹ̀mú ìparí rẹ̀ dè mọ́.

Ẹ wo irú gbólóhùn yìí: "Ayálégbé gbọ́dọ̀ tún òrùlé ṣe, kí ó kun ilé, kí ó sì pààrọ̀ pọ́ǹpù omi láàárín 30 ọjọ́ tí onílé bá ti kọ ìwé sí i, àyàfi tí ìbàjẹ́ bá ti wà kí ó tó kó wọlé."

Bí ẹ bá gé e níbi kọ́mà méjì àkọ́kọ́, pọ́ǹpù nìkan ni 30 ọjọ́ àti "àyàfi" yóò kù fún. Òrùlé tó ti ń jò kí ayálégbé tó dé á wá di ẹrù rẹ̀. Ẹ ti yí àdéhùn padà láìmọ̀.

Torí náà, ẹ kọ́kọ́ mú májẹ̀mú kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 30 ọjọ́ àti "àyàfi", kí ẹ bi onílé àti ayálégbé léèrè: èwo nínú iṣẹ́ mẹ́ta yìí ni ó kàn? Ẹ má dá a dáhùn fúnra yín. Bí ìdáhùn wọn kò bá dọ́gba, ìjà ti wà nínú gbólóhùn náà tẹ́lẹ̀, gígùn rẹ̀ ló bò ó mọ́lẹ̀. Ká ní wọ́n fẹnu kò pé 30 ọjọ́ kan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n "àyàfi" kò kan ọ̀dà kíkùn, ẹ ó kọ ọ́ báyìí:

3.1 Bí onílé bá fi ìwé béèrè fún èyíkéyìí nínú iṣẹ́ wọ̀nyí, ayálégbé gbọ́dọ̀ ṣe é láàárín 30 ọjọ́ tí ìwé náà bá dé ọwọ́ ayálégbé:
(a) títún òrùlé ṣe;
(b) kíkun ilé;
(d) pípààrọ̀ pọ́ǹpù omi.

3.2 Ìpín 3.1(a) àti 3.1(d) kò kan ìbàjẹ́ tó ti wà kí ayálégbé tó kó wọlé.

Ṣé ẹ rí i pé a ní láti yan ọjọ́ tí ìwé dé, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́? Ti tẹ́lẹ̀ kò sọ ìyẹn yékéyéké. Ẹ sì wo bí mo ṣe ń pe "ayálégbé" lápèétúnpè. "Ó" àti "rẹ̀" lè tọ́ka sí onílé, wọ́n sì lè tọ́ka sí ayálégbé. Bí ẹ bá ti gé gbólóhùn, ẹ dá orúkọ padà.

Iṣẹ́ kan, ìlà kan: èyí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, òfin owó àfikún iṣẹ́ to àwọn iṣẹ́ tí owó náà kò kàn pọ̀ sórí ìlà kan nígbà náà, kò sì sí kọ́mà kí ó tó kan "tàbí pínpín ọjà". Kò hàn bóyá pínpín dá dúró, tàbí dídì ọjà fún pínpín ni wọ́n ń wí. Ní 2017, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn gbè sẹ́yìn àwọn awakọ̀ ilé iṣẹ́ wàrà kan. Ní 2018, ilé iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 5 dọ́là.

Bí wọ́n bá ti buwọ́ lu ìwé yín, ẹ má fọwọ́ kan án. Kí àwọn méjèèjì jọ buwọ́ lu èyí tuntun, kí lọ́yà tó mọ òfin ilé ní ìpínlẹ̀ yín sì kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, torí mi ò tíì rí ìyókù ìwé náà.